Ta Ló Dá A Lábàá?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín lódì: Sístà Caroline kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ara ọmọ rẹ bá ń gbóná tí o gbé e dé Ilé-ìwòsàn Ìtura, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ọ̀fà, òun ni wàá máa gbàdúrà pé kó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dunni, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé ọmọ tó ń sunkún á dákẹ́ kó lè gbọ́ ohun tó ń wí. Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe é, kò sì sí oògùn rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù Dókítà. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí i létí lónìí, tó bá di ọ̀la, tirẹ̀ ni.

Kì í ṣe pé ó jókòó gbìmọ̀ rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ náà á kàn wọ̀ ọ́ lára, á bá a délé, á bá a sùn, nígbà tílẹ̀ bá fi máa mọ́, á ti gbàgbé pé ẹnìkan ló gbé e wá. Á wá dúró níwájú Dókítà, á gbé ọwọ́ lé àyà. "Dókítà, mo jí láàárọ̀ yìí ni, nǹkan kan kàn sọ sí mi lọ́kàn." Safiyat tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ló mọ orúkọ tí nǹkan náà ń jẹ́, nítorí orúkọ tirẹ̀ ni.

Safiyat yìí, nọ́ọ̀sì lòun náà, ìwé tí Sístà kà ni òun náà kà. Ọjọ́ orí ni Sístà fi jù ú, àti ọdún díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ Òjòkú ni, ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé níbẹ̀, ẹsẹ̀ sì ti ń dùn ún. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ènìyàn tí nǹkan kì í dùn. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ kò tíì rí i níbi tó ti ń fọ abọ́ nígbà tí inú ń bí i.

Ní ilé-ìwòsàn Ìtura nígbà náà, ní nǹkan bí 1988, gbogbo òṣìṣẹ́ ní í dúró níwájú Dókítà Ọlábámijí láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọ bí aláìsàn ṣe sùn, wọ́n á sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ẹni tó bá ní àbá á mú un wá. Sístà ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí òun làgbà, a kì í sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Àṣà dáadáa ni. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí kò bá ṣọ́ra, á bẹ̀rẹ̀ sí rò pé òun náà ló ń ronú fún gbogbo ènìyàn.

Báyìí ni Safiyat ṣe dábàá pé kí wọ́n máa fún àwọn aboyún ní nọ́ńbà bí wọ́n ṣe ń dé, kí àwọn tó lágbára má baà máa ti àwọn tó kù. Ó di ti Sístà. Ó dábàá pé dípò kí wọ́n máa fi ẹnu kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n gbé ife àti ṣíbí fún wọn kí wọ́n po ó lójú nọ́ọ̀sì. Ó di ti Sístà. Àrìnpé, tó ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Safiyat, máa ń wò ó láti ojú fèrèsé kékeré rẹ̀, á mi orí.

"Ìwọ àbí ta ni," Àrìnpé á wí. "Ọmọ Ọ̀fà kọ́ ni ẹ́ ni? Ìjàkadì lorò wa níbí. Gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò mọ̀."

"Ọmọ Òjòkú ni mí," Safiyat á sì dáhùn. "Iṣu là ń gbìn."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá sì máa lọ bẹ́ẹ̀, bí kò bá ṣe pé Dókítà dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ní òun fẹ́ ṣí ẹ̀ka ilé-ìwòsàn kékeré kan sí Òjòkú. Nọ́ọ̀sì kan ni yóò ṣe olórí ibẹ̀, òun náà ni yóò sì máa dá ìpinnu ṣe lójoojúmọ́, nítorí Dókítà kò ní lè máa wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. "Ẹni tí orí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́," ló wí. "Ẹni tó ń ronú kí n tó ní kó ronú."

Safiyat gbọ́ ọ dáadáa. Ipò náà wù ú, kí n má parọ́. Ó wù ú bí oúnjẹ ṣe ń wu ẹni tó gbààwẹ̀. Yóò máa sùn nílé ìyá rẹ̀, yóò máa bá a fi òróró pa ẹsẹ̀, yóò sì ṣe iṣẹ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe láìsí pé ẹnìkan dúró síwájú rẹ̀. Àmọ́ lójú Dókítà, orí ta ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Ìtura? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Kò pẹ́ sí i ni ọ̀rọ̀ ọjà dé.

Èéyi ti ń ṣe àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àwọn abà tó wà lápá Òjòkú. Ìjọba ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ilé-ìwòsàn, wọ́n ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò, síbẹ̀ àwọn ìyá abà kì í wá. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Safiyat àti Sístà ń se abẹ́rẹ́ lórí sítófù lẹ́yìn ilé, nítorí sísè là ń se abẹ́rẹ́ nígbà náà, a kì í jù ú nù bíi tòde òní. Safiyat ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òjòkú dé ni, ó sì kọjá lára ọjà Ìdí-Ìyá tó wà lójú ọ̀nà.

"Sístà, àwọn ìyá tí à ń retí níbí, ọjà ni gbogbo wọn wà o," ló wí. "Wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n ru ẹ̀gẹ́ sórí. Ta ni yóò fi ọjà sílẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ ní Ọ̀fà? Bó bá jẹ́ èmi ni, àwa la ó gbé abẹ́rẹ́ wá bá wọn. Ká fi yìnyín sínú kúlà, ká jókòó sábẹ́ igi àràbà yẹn lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n kọ́kọ́ tajà, kí wọ́n tó gbé ọmọ wá."

"Ẹn-ẹ́n," ni Sístà wí, ó ń wo abẹ́rẹ́ tó ń hó.

Nígbà tí Safiyat gbọ́ "ẹn-ẹ́n" yẹn, ó yẹ kó ti mọ̀. Àmọ́ ènìyàn tí nǹkan dáadáa sọ sí lọ́kàn, ẹnu rẹ̀ kì í lè gbé e mọ́ra.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, gbogbo wọn dúró. Sístà gbé ọwọ́ lé àyà.

"Dókítà, mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ àná, mi ò rí oorun sùn nítorí àwọn ọmọ abà yìí. Nǹkan kan wá sọ sí mi lọ́kàn pé, kí ló dé tí a ò máa gbé abẹ́rẹ́ lọ bá wọn lọ́jà Ìdí-Ìyá? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ná an. Ká máa lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀."

Dókítà gbá tábìlì. "Sístà, orí yín mà pé o!" Ó gbé ṣọ́ọ̀kì, ó kọ Ọjọ́bọ̀ sí ara bọ́ọ̀dù gàdàgbà. Ó ní kí wọ́n béèrè fún abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìjọba fún Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn baálẹ̀ abà. Ó wá rẹ́rìn-ín sí Sístà. "Irú ọgbọ́n báyìí ni mo ń wá fún Òjòkú."

Nǹkan méjì ló gún Safiyat láyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni pé wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà gba Òjòkú lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni Ọjọ́bọ̀ tó wà lójú bọ́ọ̀dù. Ọjà Ìdí-Ìyá kì í ṣe ọjà Ọjọ́bọ̀! Ọjà ọrún ni, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an. Bí wọ́n bá ná an ní Ọjọ́bọ̀, Mọ́ńdè ni yóò tún pé, lẹ́yìn náà ó di Jímọ̀. Ọ̀sẹ̀ onísọ́ọ̀ṣì àti onímọ́sálásí kò kàn án. Safiyat ò sọ ìyẹn fún Sístà lánàá, nítorí ọmọ Òjòkú wo ni wọ́n ń sọ fún pé ọjà ń yí? Àmọ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá Sístà. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ní Zaria ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà, nínú ọgbà rélùwéè, níbi tí fèrè ọkọ̀ ti ń sọ ọjọ́ fún ènìyàn. Dókítà ní tirẹ̀, ọmọ ìgboro Ìbàdàn ni, ọjà tirẹ̀ ojoojúmọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Safiyat ni Sístà gbé, kò gbé ìtumọ̀ rẹ̀.

Safiyat lọ sí ojú fèrèsé Àrìnpé, ó sọ ọ́ fún un. Àrìnpé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Má sọ nǹkan kan," ló wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, pa ẹnu dé. Jẹ́ kó gbé kúlà lọ ní Ọjọ́bọ̀, kó lọ bá àtíbàbà òfìfo. Ewúrẹ́ ni yóò gún lábẹ́rẹ́. Dókítà fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè pé ọgbọ́n ta nìyí."

Mo ní láti sọ òótọ́: inú Safiyat dùn sí i fún ìgbà díẹ̀. Ó rí Sístà lọ́kàn rẹ̀ lábẹ́ igi àràbà, kúlà lẹ́sẹ̀, fìlà nọ́ọ̀sì funfun lórí, tó ń kí ewúrẹ́ pé ẹ káàárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyi, bí o bá ti po ó, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídà nù ni. Bí wọ́n bá sì da ti ìjọba nù báyìí, ta ni yóò tún kó o fún wọn? Àwọn ìyá tí wọ́n bá sì rìn láti abà wá lọ́jọ́ ọjà gan-an, tí wọn ò bá nọ́ọ̀sì kankan, kò sí ẹni tí yóò tún rí wọn pè. Ọmọ tí èéyi bá ṣe láàárín ìyẹn ńkọ́? Ṣé òun ni yóò fi ọmọ ọlọ́mọ kọ́ Sístà lọ́gbọ́n?

"Mi ò lè ṣe é, Àrìnpé," ló wí.

"Mo mọ̀," ni Àrìnpé dáhùn. Ìbànújẹ́ wà lójú rẹ̀, torí ó ti ń gbádùn ewúrẹ́ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ilé-ìwòsàn pa lọ́lọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ kí Jímọ̀. Safiyat bá Sístà níbi tó ti ń ká aṣọ ibùsùn. Ó ti rò ó pé bí òun bá lọ pẹ̀lú ìbínú, ìjà ni yóò dà, Sístà yóò sì fi ipò àgbà bojú, ọ̀rọ̀ á bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ó bá a mú etí aṣọ kejì, wọ́n jọ ń ká a.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, kì í ṣe ti ìjà."

"Sọ ọ́, Safi. Ó dára?"

"Ọ̀rọ̀ ọjà tí ẹ sọ láàárọ̀, èmi ni mo sọ ọ́ fún yín lánàá lẹ́yìn ilé. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àwọn aboyún àti ti omi oníyọ̀, èmi náà ni. Mi ò sọ pé ẹ fẹ́ pa mí lára o. Àmọ́ bí ẹ bá ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá, Dókítà ò lè mọ̀ pé èmi náà ń ronú. Ó sì ń dùn mí."

Sístà dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ẹnu yà á ní tòótọ́. "Àbí? Àti ti nọ́ńbà náà?" Ó ronú. "Ṣùgbọ́n Safi, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe ni? Bí mo bá sọ ọ́, àwa méjèèjì la sọ ọ́."

"Bó bá jẹ́ àwa méjèèjì, Sístà, ẹ má ṣe máa sọ pé nǹkan kan sọ sí yín lọ́kàn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Àbá tí mo bá mú wá, ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ fúnra mi níwájú Dókítà. Bí ẹ bá sì máa bá mi sọ ọ́, ẹ dárúkọ mi."

Sístà ká aṣọ náà, ó tún un ká. Safiyat wá sọ ti Ọjọ́bọ̀ fún un, pé ọjà ọrún ni, pé Mọ́ńdè ni yóò pé, pé ní Ọjọ́bọ̀ ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, Sístà ò gbà. Ó ní òun fojú ara òun rí èrò ọjà ní Ọjọ́bọ̀. Safiyat bá a ka ọjọ́ lórí ìka. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni ojú Sístà ń yípadà, ó sì jókòó sórí ibùsùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́.

"Yé, mo gbé," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù." Ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀. "Ó dáa. Lọ́la, màá sọ fún Dókítà pé mo tún un rò, pé nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn pé…"

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó wo Safiyat. Safiyat náà wò ó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ wọn, ẹ̀rín ló fẹ́ pa àwọn méjèèjì, àmọ́ Safiyat ò rẹ́rìn-ín.

"Rárá, Sístà. Èmi ni màá sọ ọ́ lọ́la. Mi ò ní sọ̀rọ̀ yín láìdáa, ẹ̀rù má bà yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́."

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n dúró. Sístà sọ ti àwọn aláìsàn tán, ó wo ilẹ̀. Safiyat bọ́ síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ ọjà. Mo bá Sístà sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí mo ti Òjòkú dé, ṣùgbọ́n mi ò ṣàlàyé rẹ̀ tán fún wọn. Ọjà ọrún ni ọjà Ìdí-Ìyá, ọjọ́ rẹ̀ ń yí ni. Mọ́ńdè ló kàn, lẹ́yìn náà Jímọ̀. Bí a bá lọ ní Ọjọ́bọ̀, a ò ní bá ẹnikẹ́ni."

Dókítà wo bọ́ọ̀dù. Ó wo Safiyat. "Ìwọ lo dá a lábàá?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Àrìnpé ti na ọrùn jáde lójú fèrèsé rẹ̀. Safiyat lè fi ẹnu kan ṣoṣo ṣán Sístà mọ́lẹ̀ níbẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, Ọ̀fà á sì pàtẹ́wọ́.

"Èmi ni, sà," ló wí. "Sístà ló sì jẹ́ kó tètè dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ṣì máa rò ó lọ́wọ́."

Òótọ́ sì ni, ẹ gbọ́. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: aago mélòó ni ọjà ń kún? Ta ni wọ́n máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀? Báwo ni yìnyín ṣe máa pẹ́ nínú oòrùn? Safiyat ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sístà la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, bí ìṣe rẹ̀, ó sì pa á dé. Níkẹyìn Dókítà mú aṣọ, ó nu Ọjọ́bọ̀ kúrò lójú bọ́ọ̀dù.

Ní Mọ́ńdè, àwọn méjèèjì ló kó abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ sọ́jà. Safiyat ti lọ kí ìyálọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n fún wọn ní ààyè lábẹ́ igi. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tẹ́ tábìlì tán, àwọn ìyá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọlọ́pàá. Safiyat ń pè wọ́n jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó sún mọ́ wọn. Sístà Caroline bá bọ́ sí àárín ọjà. Ó gbé ohùn yẹn sókè. Ó kí oníṣu, ó kí ẹlẹ́gẹ́, ó gba ọmọ kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń bá ọmọ náà jó, ó ń béèrè pé ta ló bí arẹwà yìí tí kò fẹ́ kó dàgbà. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti tò. Ìgò tí wọ́n po ò ṣẹ́ kù rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Safiyat sọ ọ́ níwájú Dókítà bó ṣe rí gan-an: "Sístà ló pè wọ́n jọ, sà. Bí kò bá sí wọn ni, ọwọ́ òfìfo ni ǹ bá gbé padà." Sístà wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan yàtọ̀ díẹ̀. Mi ò sọ pé àrùn náà lọ tán o. Sístà á ṣì bẹ̀rẹ̀ pé "Dókítà, nǹkan kan sọ sí mi," á wá wúkọ́, á ní, "Safiyat ni, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́." Ó máa ń dùn ún bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì, ó sì ń gbé e mì.

Safiyat náà ò fi ọ̀rọ̀ Òjòkú sílẹ̀ fún orí. Ó lọ bá Dókítà lọ́fíìsì rẹ̀, ó sọ ọ́ lójúkojú pé òun fẹ́ ipò náà, ó sì sọ ohun tí òun yóò ṣe níbẹ̀. Dókítà gbọ́ ọ tán. Ó ní òun yóò rò ó. Oṣù kan kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi páànù bo ilé Òjòkú, Dókítà ò sọ nǹkan kan. Safiyat ò lè jẹun dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ ń béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ṣé wọ́n ti sọ ọ́, òun náà ń dáhùn pé wọ́n á sọ ọ́, Insha Allah.

Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Dókítà ní Safiyat ni yóò ṣe olórí ní Òjòkú. Gbogbo ènìyàn hó, Àrìnpé gbá fèrèsé rẹ̀ bí ìlù, Safiyat fi ọwọ́ bo ojú. Sístà Caroline bá gbé ọwọ́ lé àyà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Èmi mà ni mo dá a lábàá o," ló wí.

Ẹ̀rín bú yàà. Àwọn nọ́ọ̀sì di ara wọn mú. Àrìnpé ní, "Sístà, èyí náà ni? Kò mà sí ohun tí nǹkan kan kì í sọ sí yín lọ́kàn." Safiyat náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn jù láti bínú. Sístà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó kọrí sí wọ́ọ̀dù.

Lọ́sàn-án, Safiyat lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé òun ti yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ tí òun ti wá béèrè.

"O béèrè dáadáa," ni Dókítà wí. "Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, mo ti fẹ́ mú ẹnìkan wá láti Ìlọrin, ẹni tí ìwé rẹ̀ ju tìrẹ lọ. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ gan-an. Sístà ló wọlé wá bá mi. Ó ní bí mo bá mú àlejò lọ Òjòkú, owó mi ni mo ń dà nù. Ó jókòó níbi tí o wà yẹn, ó sọ gbogbo rẹ̀: ti nọ́ńbà àwọn aboyún, ti omi oníyọ̀. Ó ní ìwọ lo ni gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀." Dókítà bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Kò rọrùn fún un láti sọ ọ́. Ó ń sunkún."

Ìtìjú mú Safiyat. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí obìnrin yìí sọ pé tirẹ̀ ni, tó sì jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ilé ló fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun Safiyat sì wà níbẹ̀, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó mọ bó ṣe ń dun ènìyàn bí wọn ò bá gbà pé òun ló ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n jù ú lọ?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n dúró. Sístà sọ ti àwọn aláìsàn tán. Safiyat bọ́ síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí n tó lọ Òjòkú, ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Lánàá, Sístà sọ pé àwọn ni wọ́n dá a lábàá kí ẹ gbé mi lọ, a sì rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ni. Bí kò bá sí Sístà Caroline, ẹlòmíràn ni ì bá máa lọ."

Gbogbo ènìyàn yí ojú sí Sístà, wọ́n ń retí kó sọ̀rọ̀. Sístà gbé ọwọ́ lé àyà. Ó la ẹnu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ láti Zaria wá dé Ọ̀fà wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí, kò rí i. Safiyat rìn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dì í lọ́wọ́ mú.